Àpapọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ, Ẹ Má Kọ Àfikún

Nínú iṣẹ́ ìrajà tí mo ń ṣe, ẹjọ́ kan wà tí wọn kì í yé gbé wá bá mi: olùpèsè ti fọwọ́ sí ọ́dà, oníbàárà wá ránṣẹ́ pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi 100 sí i.’ 100 kí ni? Ṣé páálí ni àbí ẹyọ? Lórí ọ́dà wo?

Ká ní páálí àpò ìwé 400 ni wọ́n ti jọ fẹnu kò lé lórí. Oníbàárà fi ímeèlì ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi 100 kún un. Nígbà tí kò tètè rí èsì, ó tẹ̀ wọ́n láago, ó sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ẹni tó ka ímeèlì sọ 400 di 500, ẹni tó gbé fóònù bá 500 nílẹ̀, ó sì sọ ọ́ di 600. Àwọn méjèèjì ṣe ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe. Bó bá jẹ́ pé ‘ẹ sọ 400 di 500’ ni oníbàárà wí, bó tún un wí lẹ́ẹ̀mẹwàá, 500 náà ni yóò máa jẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń bá mi ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọ iye tó fẹ́ fi kún un tàbí èyí tó fẹ́ yọ kúrò láìkọ àpapọ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ rèé:

‘Lórí ọ́dà wa 2417, ìlà kejì, àpò ìwé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ páálí 400 di páálí 500 lápapọ̀. Èyí rọ́pò iye ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ọ́dà tuntun. Ẹ kọ̀wé sí wa bí ẹ bá gbà, kí ẹ sì sọ iye owó páálí kan àti ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ yóò dé.’

Mo ń béèrè owó nítorí pé ẹni tó dín ọjà kù lè pàdánù ẹ̀dínwó tó wà fún ọjà púpọ̀. Mo ń béèrè ọjọ́ nítorí pé àfikún lè dé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́.

Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá nínú ìrajà a máa gba èèyàn níyànjú pé kó dákẹ́, kó sì dá èyí tó pọ̀ jù padà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Ìmọ̀ràn ẹni tí kò ka àdéhùn rí nìyẹn! Títí olùpèsè yóò fi gba àyípadà náà, iye ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì dè yín, ó sì lè kọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ dín ọjà kù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí iṣẹ́ dé: àpò tí wọ́n ti tẹ orúkọ yín sí lára kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn, ẹ̀yin náà ni wọn yóò ní kí ẹ san owó rẹ̀.