Atọ́ka àyísódì: ohun tó ń mú ìṣàwárí yá, àti ibi tí àmì ohùn ti ń dà á rú

Ká ní ẹ ní ìwé mílíọ̀nù kan nínú kọ̀ǹpútà, ẹ sì fẹ́ mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kan wà nínú wọn. Bí kọ̀ǹpútà bá ní láti ka gbogbo wọn tán nígbàkigbà tí ẹnìkan bá béèrè, ẹ óò pẹ́ lórí ìjókòó. Nítorí náà, ẹ̀rọ ìṣàwárí máa ń ka àwọn ìwé náà sílẹ̀ kí ìbéèrè kankan tó dé. Á fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á wá kọ nọ́ńbà àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà, bíi ti atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ńlá. Ìwé ló ní ọ̀rọ̀ nínú tẹ́lẹ̀. Ní báyìí ọ̀rọ̀ ló ń tọ́ka sí ìwé. Ìyẹn la fi ń pè é ní atọ́ka àyísódì.

Ẹ wo ìwé mẹ́rin tó kúrú gan-an:

```
1: Bàbá ra ọkọ̀ tuntun
2: Ọkọ̀ bàbá bàjẹ́
3: Ìyá ra ẹja tuntun
4: Bàbá ra ẹja
```

Ẹ̀rọ á gé gbólóhùn sí ọ̀rọ̀, á sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, á sì to gbogbo rẹ̀ báyìí:

```
bàbá   → 1, 2, 4
bàjẹ́   → 2
ẹja    → 3, 4
ìyá    → 3
ọkọ̀    → 1, 2
ra     → 1, 3, 4
tuntun → 1, 3
```

Ẹnìkan wá béèrè ìwé tí «bàbá» àti «tuntun» jọ wà. Ẹ̀rọ á fi ìka kan sí orí 1 nínú ti bàbá, á fi ìkejì sí orí 1 nínú ti tuntun. Wọ́n dọ́gba, ìwé 1 wọlé nìyẹn. Ìka méjèèjì á sún: 2 àti 3. Èyí tó kéré ló máa ń sún, torí náà 2 á di 4. Ní báyìí 3 ló kéré. Ó sún, ọ̀wọ́ rẹ̀ sì tán. Ìdáhùn ni ìwé 1 nìkan. Nítorí pé a to nọ́ńbà láti kékeré sí ńlá, ìka kò padà sẹ́yìn rí, a kò sì ṣí ìwé kankan.

Ibi tí ìyára ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n. Ká ní nínú ìwé mílíọ̀nù kan yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà nínú 300, èkejì sì wà nínú 40,000. Ẹ̀rọ tó gbọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí 300. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, á wo àárín ọ̀wọ́ gígùn yẹn, á ju ìdajì nù, á tún wo àárín èyí tó kù. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ti tó láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà kan wà nínú 40,000. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 4,800 lọ.

Àléébù rẹ̀ ni pé atọ́ka kò mọ ìtumọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ nìkan ló mọ̀, ibẹ̀ ni ìṣàwárí Yorùbá sì ti máa ń ní ìjàǹbá. Nínú Yúníkóòdù, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, ọ́ ṣeé kọ ní ọ̀nà mẹ́ta: o tí àmì abẹ́ àti àmì òkè tẹ̀ lé, ọ tí àmì òkè tẹ̀ lé, tàbí ó tí àmì abẹ́ tẹ̀ lé. Lójú wa bákan náà ni wọ́n rí, ṣùgbọ́n lójú atọ́ka, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí kíbọọ̀dù ẹni tó kọ ìwé bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wá a, ìwé náà wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rọ á ní kò sí. Yúníkóòdù ní ìlànà kan tó ń jẹ́ NFC, tó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan. Ní Páítọ́ọ̀nù, ìlà kan ló ń ṣe é:

```python
import unicodedata
oro = unicodedata.normalize("NFC", oro).lower()
```

Ẹ gbọ́dọ̀ lò ó nígbà tí ẹ ń kọ atọ́ka àti nígbà tí ìbéèrè bá dé. Bí ẹ bá fi sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìṣòro náà kò kúrò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tiẹ̀ fi àmì sí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lórí fóònù. Àwọn kan máa ń yọ gbogbo àmì kúrò nínú atọ́ka nítorí èyí. Ìyẹn ń da ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí à ń fi í ro ilẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ ọdẹ àti oko àgbẹ̀ pọ̀ sábẹ́ «oko» kan ṣoṣo. Ẹni tó ń wá ọkọ̀ á máa bá iṣu pàdé. Ohun tó dáa jù lójú tèmi ni kí ẹ ṣe atọ́ka méjì, ọ̀kan pẹ̀lú àmì, ọ̀kan láìní àmì. Ẹ wá inú méjèèjì, kí ẹ sì gbé èyí tó bá àmì mu ṣáájú. Ó ń gba ààyè sí i lóòótọ́, àmọ́ ó sàn ju kí ìdáhùn sọnù lọ.

Láti dán ti yín wò, ẹ da ọ̀rọ̀ kan kọ láti inú ìwé tí ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹ wá a, kí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ tún wá a. Bí iye ìdáhùn méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ kò lo NFC nígbà tí ìbéèrè dé, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti kọ atọ́ka náà láìlò ó pẹ̀lú. Bí ẹ bá kọ atọ́ka náà láìlò ó, ẹ ní láti pa á rẹ́, kí ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn ọ̀rọ̀ tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ kò ní tún ara wọn ṣe.