Ṣé ọmọ ló ń san gbèsè bàbá tó kú?

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ nílé òkú: "Ẹni tó bá jogún bàbá, ó ti jogún gbèsè rẹ̀ náà." Àwọn tó ń sin gbèsè kò ní bá wa tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe, àǹfààní wọn ni. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, dúkìá òkú ló ń san gbèsè òkú. Àpò opó àti ti ọmọ kò sí níbẹ̀.

Ká ní bàbá kan kú l'Ékòó, ó jẹ báńkì ní mílíọ̀nù 4 náírà. ₦1,800,000 ló wà nínú àkáǹtì rẹ̀, wọ́n sì ta ọkọ̀ rẹ̀ ní ₦1,500,000. Ìsìnkú ló ń kọ́kọ́ jáde nínú owó yìí: ₦300,000. Mílíọ̀nù 3 tó kù, báńkì ló ni ín. Mílíọ̀nù 1 tí kò pé, báńkì náà ló pàdánù rẹ̀. Àwọn ọmọ ò rí ogún pín, wọn ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. (Ìsìnkú tó mọ níwọ̀n ni òfin ń sọ o. Màlúù mẹ́ta àti olórin, ẹni tó pè wọ́n ni yóò san án.)

Ibi tí kì í yé àwọn èèyàn nìyí: gbèsè ló ṣáájú, ogún pípín ló tẹ̀ lé e. Dáwódù tó ta ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ kẹta, tí kò gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso dúkìá ní ilé ẹjọ́ gíga, tó sì há owó náà fún àwọn àbúrò rẹ̀, ti kó ara rẹ̀ sí i. Báńkì lè bi í léèrè ₦1,500,000 yẹn, kódà bí owó náà ti tán. Ìwọ̀nba ohun tó fọwọ́ kàn ni wọ́n lè bi í. Kì í ṣe mílíọ̀nù 4. Òun náà á wá máa kéde pé gbèsè bàbá òun lòun ń san. Ọkọ̀ tó tà ló ń san.

Onídùúró yàtọ̀. Bí ọmọ bá ti fọwọ́ síwèé fún bàbá, gbèsè tirẹ̀ nìyẹn, ikú ò pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n kí bàbá kàn fi nọ́ńbà fóònù rẹ sínú ìwé ẹ̀yáwó kò sọ ẹ́ di onídùúró, bó ti wù kí wọ́n pariwo tó lórí fóònù.

Ti ilé ló ń díjú. Bí bàbá bá fi ìwé ilé tara rẹ̀ dúró ní báńkì, wọ́n lè ta ilé náà, bí ọmọ tiẹ̀ ń gbé inú rẹ̀. Ilé ẹbí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n tà á fún gbèsè rẹ̀, àfi bí ẹbí bá ti fọwọ́ sí i. Ó lè gba lọ́yà kí èyí tó yanjú. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n yọ owó ìbánigbófò lórí ẹ̀yáwó náà, torí ó lè ti san gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé ìwé wá nílé òkú pé kí ẹ kàn fọwọ́ sí i pé ẹ óò san díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé bírò yín sápò.