Yíyí ọrùn ọwọ́ bo bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń bí tọ́pùsípínì

Bí ẹ bá dúró létí kóòtù tẹníìsì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Yí ọwọ́ ẹ bò ó! Bò ó mọ́lẹ̀!" Ẹni tó ń pariwo yẹn ń kọ́ ẹnì kan ní fọ́háǹdì, gbígbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó di rákẹ́ẹ̀tì mú, èyí tó ní tọ́pùsípínì, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó ń ta òkìtì síwájú bó ṣe ń lọ, tó ń ga kọjá nẹ́ẹ̀tì, tó sì ń já wálẹ̀ kó tó jáde lẹ́yìn ìlà. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé bí rákẹ́ẹ̀tì bá ti kan bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ yí ọrùn ọwọ́ lé e lórí bí ẹni da ọmọrí dé ìkòkò, pé yíyí yẹn ló ń mú bọ́ọ̀lù yí. Ọdún mẹ́rin gbáko lèmi náà fi gbà á gbọ́, ọrùn ọwọ́ mi ló sì jẹ gbèsè rẹ̀. Irọ́ ni, mo sì fẹ́ fi ohun tí mo fi ojú ara mi rí ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Fọ́háǹdì wọn ló ń fa ìjà láàárín wọn àti nẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan mo ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n fi fóònù ká a sílẹ̀ kí ẹ fi ojú yín rí i." Wọ́n gbá ogún bọ́ọ̀lù. Mẹ́sàn-án wọ nẹ́ẹ̀tì, mẹ́ta kan férémù rákẹ́ẹ̀tì, wọ́n fò lọ síbi tó wù wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rù nẹ́ẹ̀tì wá ń bà wọ́n, ni wọ́n bá ṣí ojú rákẹ́ẹ̀tì sókè, márùn-ún sì lọ kan wáyà ẹ̀yìn kóòtù. Mẹ́ta péré ló bọ́ sínú.

Fóònù mi máa ń ya àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, a ń tẹ̀ ẹ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun àkọ́kọ́ tó ya Tíṣà lẹ́nu ni pé àwòrán kan ṣoṣo, bó pọ̀ tán méjì, ni bọ́ọ̀lù fi wà lára okùn rákẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún gbogbo ẹni tó ń gbá tẹníìsì, àti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́: bọ́ọ̀lù kì í lò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lára okùn. Láàárín àkókò yẹn rákẹ́ẹ̀tì kò tíì rìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ẹni tó yára jù lọ kò lè rí nǹkan kí ara rẹ̀ sì dáhùn láàárín ìdá 100 nínú 1000, ká má tíì sọ ti 5. Nítorí náà, kí ọpọlọ tó mọ̀ pé rákẹ́ẹ̀tì ti kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lódìkejì. Ta lẹ fẹ́ yí ọwọ́ bò nígbà náà?

Mo wá fi èyí tó bọ́ sínú lára tiwọn hàn wọ́n. Lóòótọ́, ọwọ́ wọn yí, ojú rákẹ́ẹ̀tì sì wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán karùn-ún lẹ́yìn ìgbà tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lára okùn ni yíyí yẹn hàn. Nínú mẹ́sàn-án tó wọ nẹ́ẹ̀tì, yíyí ti bẹ̀rẹ̀ kí rákẹ́ẹ̀tì tó dé ibi bọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ ti dà sílẹ̀ pátápátá. Ibi tí ojú rákẹ́ẹ̀tì bá wò ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Bí a bá yí ọwọ́ ṣáájú, nẹ́ẹ̀tì ni. Bí a bá yí i lẹ́yìn, kò ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, kò sì pa á lára.

Ibi tí irọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró nìyẹn. Ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n rí i pé ní òpin fọ́háǹdì, àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọ̀gá ti kọjú sí ilẹ̀ tàbí sí òde. Ojú rẹ̀ kò parọ́, àsìkò tí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni kò mọ̀. Ìdí kejì ni bí àwọn àgbà wa ṣe ń di rákẹ́ẹ̀tì mú, bí ẹni di òòlù mú. Bí a bá dì í báyẹn, ojú rákẹ́ẹ̀tì máa ń ṣí sókè níwájú ara, àfi kí olúwarẹ̀ fi agbára dà á bolẹ̀. Ẹni tó bá sún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìdìmú, tó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, yóò rí i pé ojú rákẹ́ẹ̀tì ti dúró dáadáa fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá gbé rákẹ́ẹ̀tì lélẹ̀, tí ojú rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti gbé e bí ẹni gbé páànù ìdáná, ọwọ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tó yẹ.

Kí ló wá ń mú bọ́ọ̀lù yí? Ọ̀nà tí rákẹ́ẹ̀tì gbà ni. Mo fi ṣàpẹẹrẹ fún Tíṣà lára ògiri. Ẹ fi bọ́ọ̀lù sára ògiri ní ìwọ̀n ìbàdí, ẹ fi okùn rákẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ojú rákẹ́ẹ̀tì dúró ṣánṣán. Ẹ wá fa rákẹ́ẹ̀tì lọ sókè tààrà láìyí ọwọ́ rárá. Bọ́ọ̀lù á máa yí lọ sókè, orí rẹ̀ á máa yí síwájú, sí ọ̀nà ògiri. Tọ́pùsípínì nìyẹn, ọrùn ọwọ́ kò sì ṣe nǹkan kan. Okùn ló nu ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ sókè.

Lórí kóòtù, èyí túmọ̀ sí pé orí rákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá wà ní ìbàdí, kí orí rákẹ́ẹ̀tì sọ̀ dé agbègbè orúnkún kó tó máa gun òkè bọ̀, kó sì máa lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fiyè sí ti iwájú yẹn. Ẹni tó bá ń fà á sókè nìkan, bí ẹni fa omi nínú kànga, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á yí, ṣùgbọ́n á jókòó sáàárín kóòtù bí oúnjẹ tí wọ́n gbé fún àlejò. Fún àwa tí a ń gbá a nínú ẹgbẹ́, kí ọ̀nà rákẹ́ẹ̀tì máa lọ síwájú ju bó ṣe ń gòkè lọ. Ojú rákẹ́ẹ̀tì lè tẹ̀ síwájú díẹ̀, ìwọ̀nba tí ojú lásán kò fi ní tètè rí i.

Ìdí tí bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ fi ń já wálẹ̀ ni pé bó ṣe ń yí síwájú, ó ń darí afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sókè lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń ti òun wálẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè gbà á kọjá lókè nẹ́ẹ̀tì dáadáa. Àárín nẹ́ẹ̀tì ga tó sẹ̀ǹtímítà 91, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ibi òpó sì tó 107. Kò sídìí tí a ó fi máa fá orí nẹ́ẹ̀tì.

Ọrùn ọwọ́ ńkọ́? Ó ní iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbékọ́ ilẹ̀kùn ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀, ìbàdí àti ejìká ló ń tì í. Bí ara bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí síwájú, tí ọwọ́ kò le gbagidi, rákẹ́ẹ̀tì á ṣẹ́kù sẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ìsàlẹ̀ ìdìmú á sì kọjú sí bọ́ọ̀lù. Nínú àwòrán tí bọ́ọ̀lù ti wà lára okùn, ẹ ó rí i pé ọrùn ọwọ́ ṣì tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fún rákẹ́ẹ̀tì mọ́wọ́ kì í rí èyí, torí orí rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lè sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí Tíṣà dì í mú bí ẹni di ọmọ adìyẹ mú: kó má bọ́, kó má sì kú. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ, apá á yí láti ejìká wá, àtẹ́lẹwọ́ á sì dojú kọlẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Báyìí náà ni ìparí rẹ̀ rí. Kì í ṣe ibi tí rákẹ́ẹ̀tì parí sí ló ń fún bọ́ọ̀lù ní yíyí, torí bọ́ọ̀lù ti lọ. Àmọ́ ó ń jẹ́rìí ọ̀nà tí ó gbà wá. Bí rákẹ́ẹ̀tì bá gun òkè bọ̀ lóòótọ́, yóò ré àyà kọjá, yóò dé ejìká kejì tàbí apá kejì, ìgbọ̀nwọ́ yóò sì gòkè dé agbègbè àgbọ̀n, yóò tọ́ka sí nẹ́ẹ̀tì. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá há mọ́ ìhà, tí rákẹ́ẹ̀tì sì parí sí ìbàdí, ọwọ́ ló yí i. Ẹ má sì dá rákẹ́ẹ̀tì dúró lójijì. Iṣan ọrùn ọwọ́ àti ìgbọ̀nwọ́ ló ń gba gbogbo agbára yẹn. Ìyẹn ló ṣe mí. Àwọn kan tún ń fi ti Nadal, ọ̀gá tẹníìsì ará Sípéènì nì, ṣe àwòkọ́ṣe, kí rákẹ́ẹ̀tì máa pòyì lókè orí. Ẹ fi yẹn sílẹ̀ ná. Nígbà tí Nadal ṣì ń gbá tẹníìsì, bọ́ọ̀lù tó bá pẹ́ kó tó bá a ló sábà máa ń lò ó fún.

A so okùn mọ́ igi méjì, a gbé e ga ju nẹ́ẹ̀tì lọ ní ìwọ̀n rákẹ́ẹ̀tì kan tó dúró lórí rẹ̀. Tíṣà ń fi ọwọ́ òsì sọ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fúnra wọn, kó ta lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbá a kọjá lókè okùn, kó sì bọ́ sínú. Ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ kò dáa: bọ́ọ̀lù ń jáde, torí wọ́n ń gbà á sókè láìjẹ́ kí orí rákẹ́ẹ̀tì sọ̀ kalẹ̀ dáadáa. Ìrọ̀lẹ́ kejì ni etí wa gbọ́ ọ. Dípò "pó" tó ń dún tẹ́lẹ̀, ó dún bí ẹni fa aṣọ ya. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, nínú ogún, mẹ́rìnlá bọ́ sínú, méjì péré ló wọ nẹ́ẹ̀tì.

Nǹkan méjì wà tí ọ̀nà yìí kò lè yanjú. Bí okùn rákẹ́ẹ̀tì bá ti gbó, tó ti gé ara wọn wọlé níbi tí wọ́n ti pàdé, wọn kì í lè yẹ̀ kí wọ́n sì padà sí àyè wọn mọ́, yíyí bọ́ọ̀lù á sì dínkù. Ẹ fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá padà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èkejì ni bọ́ọ̀lù tó ga dé ejìká. Kò sí àyè láti sọ̀ sábẹ́ rẹ̀ púpọ̀, nítorí náà ọ̀nà rákẹ́ẹ̀tì á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ gbọọrọ, ojú rẹ̀ á sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí i ju ti ìbàdí lọ. Lórí irú bọ́ọ̀lù yìí ni ọwọ́ Tíṣà ṣì máa ń fẹ́ yí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbá ọ̀kan wọ nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wojú mi kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo tún dé ọmọrí."