Ìṣirò agbára mọ́tò oníféèsì mẹ́ta

Agbára méjì ló wà lára mọ́tò oníféèsì mẹ́ta: agbára tó ń fà láti ara wáyà, àti agbára tí ọ̀pá rẹ̀ fi ń yí ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì kì í dọ́gba, ti ọ̀pá ló máa ń kéré. Fólítì, ámpíà àti pawa fákítọ̀ la fi ń ṣírò ti àkọ́kọ́. Bí a bá wá fi ìjáfáfá mọ́tò sí i, a ó rí ti èkejì. Ní Àbújá àti káàkiri òkè Ọya, irú mọ́tò yìí ló ń yí ẹ̀rọ ìlọ oúnjẹ adìyẹ, ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì àti pọ́ǹpù omi ńláńlá.

Fọ́múlà

```
P1 = √3 × V × I × cos φ
P2 = P1 × η
```

P1 ni agbára tó wọlé, P2 ni ti orí ọ̀pá, wáàtì la sì fi ń ka méjèèjì. η ni ìjáfáfá mọ́tò, ìyẹn ìdá agbára tó wọlé tó dé orí ọ̀pá. V ni fólítì tó wà láàárín féèsì kan àti féèsì kejì, bíi 400, kì í ṣe 230 tó wà láàárín féèsì àti níútírà. I ni ámpíà inú wáyà féèsì kan ṣoṣo. √3 jẹ́ 1.732, ó sì wọ inú fọ́múlà nítorí pé féèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dé góńgó lẹ́ẹ̀kan náà.

Pawa fákítọ̀, ìyẹn cos φ, ló máa ń da ìṣirò rú jù. Mọ́tò nílò iná díẹ̀ láti sọ irin inú rẹ̀ di mágnẹ́ẹ̀tì. Iná yìí ń wọlé, ó sì ń padà jáde, láìṣe iṣẹ́ kankan lórí ọ̀pá, síbẹ̀ kíláàǹpù mítà ń kà á mọ́ ámpíà. Cos φ ló ń sọ ìdá tó ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ohun tí a kà. Bí iṣẹ́ ṣe ń dín kù ni iná iṣẹ́ ń dín kù, ṣùgbọ́n iná mágnẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìdí nìyẹn tí pawa fákítọ̀ fi máa ń wálẹ̀ nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́.

Ohun tí a kọ sára mọ́tò

Ká mú mọ́tò kan tó ń yí ẹ̀rọ ìlọ oúnjẹ adìyẹ ní Gwagwalada. Wọ́n kọ ọ́ sí àwo irin ara rẹ̀ pé: 15 kW, 400 V, 28.5 A, cos φ 0.84, η 90.6%, 1460 rpm. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé 15 kW ni mọ́tò náà ń fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára orí ọ̀pá ni kílówáàtì tí a kọ sára mọ́tò, bẹ́ẹ̀ náà ni họ́ọ̀sì tí a ń rí lára àwọn mọ́tò àtijọ́. Họ́ọ̀sì kan jẹ́ wáàtì 746, nítorí náà mọ́tò yìí kan náà ni ọlọ́jà ń tà ní họ́ọ̀sì 20.

```
P1 = 1.732 × 400 × 28.5 × 0.84 = 16,586 W
P2 = 16,586 × 0.906 = 15,027 W
```

Ọ̀pọ̀ nínú wáàtì bí 1,560 tó ṣẹ́ kù di ooru nínú wáyà wíwé àti irin, ìyókù sì bá bẹ́árìn àti fáànù lọ. Ẹni tó ń san owó iná, 16.6 kW ló ń san owó rẹ̀.

Nígbà tí ẹrù kò pé

Gbogbo ohun tó wà lára àwo náà dúró lórí pé mọ́tò ń gbé ẹrù rẹ̀ tán. Ká ní lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀rọ ń lọ àgbàdo díẹ̀díẹ̀, fólítì jẹ́ 395, ámpíà sì jẹ́ 17 lórí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí oníṣẹ́ iná bá fi 0.84 àti 0.906 ṣe é, yóò rí 8.9 kW lórí ọ̀pá, yóò sì sọ pé mọ́tò ń ṣe ìdá 59 nínú 100 iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣirò yẹn ti lé jù.

Mítà oníféèsì mẹ́ta tó wà lára ògiri lè sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ iye ìgbà tí iná náà ń ṣẹ́jú fún kílówáàtì-wákàtí kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, fún àpẹẹrẹ 400 imp/kWh. Ẹ pa gbogbo nǹkan yòókù tó ń lo iná nílé náà, kí ó ku mọ́tò nìkan, kí ẹ sì fi aago foonu ka ìgbà tí iná náà fi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà márùn-ún, ìyẹn 50. Ká ní ó gba sẹ́kọ́ńdù 56.9:

```
P1 = 50 × 3600 / (400 × 56.9) = 7.91 kW
√3 × V × I = 1.732 × 395 × 17 = 11.63 kVA
cos φ = 7.91 / 11.63 = 0.68
```

Pawa fákítọ̀ ti já bọ́ láti 0.84 sí 0.68. Ìjáfáfá ní tirẹ̀ kì í tètè wálẹ̀: irú mọ́tò báyìí ṣì lè wà nítòsí 0.90 bí ẹrù bá dé ìlàjì. A ó rí 7.91 × 0.90, ìyẹn nǹkan bí 7.1 kW lórí ọ̀pá, ìdá 47 nínú 100. Ó ṣe pàtàkì pé kí èèyàn wo mítà dáadáa kó tó kà á, torí pé tí mítà bá ń gba inú tíráńsífọ́mà ámpíà, àfi kí a fi ìpín tíráńsífọ́mà náà sọ ọ́ di púpọ̀, bí mítà kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

A lè fi eré ọ̀pá yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí iná Hẹ́tísì 50, mágnẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò yìí ń yípo 1500 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá sì ń rẹ̀yìn pẹ̀lú 40 nígbà tí ẹrù bá pé. Bí ọ̀pá bá ń yí 1481, ó rẹ̀yìn pẹ̀lú 19, ìyẹn 19/40, tó sún mọ́ ìdá 47 tí a rí lókè. Ìwọ̀n tí a kọ sára mọ́tò kì í sábà péye tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ̀rí àtìlẹ́yìn lásán ni ọ̀nà yìí.

Ibi tí a ń há kíláàǹpù mọ́

Bí a bá há kíláàǹpù mọ́ wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, òdo ló máa kà, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, torí pé ámpíà wọn ń pa ara wọn rẹ́. Wáyà kan ṣoṣo ni kó wà ní ẹnu rẹ̀. Kí a ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì pín àròpọ̀ wọn sí mẹ́ta.

Àṣìṣe tó ṣòro láti rí ni ti mọ́tò tó ń fi sítáà-dẹ́lítà gbéra, ìyẹn èyí tí a so wáyà wíwé rẹ̀ ní sítáà nígbà tó bá ń gbéra, tí a sì yí i sí dẹ́lítà nígbà tó bá ti ń sáré, bí ọ̀pọ̀ mọ́tò họ́ọ̀sì 20 ṣe rí. Wáyà mẹ́fà ló ti inú pánẹ́ẹ̀lì lọ sí ara mọ́tò. Nígbà tó bá ti wọ dẹ́lítà, ámpíà inú ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í ṣe I tó wà nínú fọ́múlà. Ó ti pín sí 1.732. Mọ́tò tó ń fà ámpíà 17 yóò fi 9.8 hàn níbẹ̀, ẹni tó kà á yóò sì rò pé mọ́tò kò ṣe nǹkan kan. Bí kíláàǹpù bá fi ohun tó kéré ju ámpíà tí a retí láìsí ẹrù hàn, kí a wo ibi tí a há a mọ́. Ara wáyà mẹ́ta tó wọ pánẹ́ẹ̀lì, ṣáájú kọ́ńtákítọ̀, ló yẹ kí a ti kà á.

Ooru àti gíga ilẹ̀

Ìlànà àgbáyé ṣe mọ́tò fún atẹ́gùn tí kò gbóná ju 40 °C lọ àti ilẹ̀ tí kò ga ju mítà 1000 lọ sókè òkun. Àbújá kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ga tó nǹkan bí mítà 1200, níbi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́ tí kì í kó ooru lọ dáadáa. Ní Màídúgùrì àti Sókótó, oṣù ẹ̀ẹ̀rùn lè gbóná ju 40 °C lọ. Níbẹ̀, bí ìṣirò bá fi 15 kW hàn lórí ọ̀pá mọ́tò 15 kW, mọ́tò náà ti ń gbé ju bó ṣe yẹ lọ.