Bí nóòtì lẹ́kíṣọ̀ ṣe ń di ìbéèrè ìdánrawò

Fáìlì nóòtì tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bá gbé sórí áàpù kì í dé inú ẹ̀rọ bí ojú èèyàn ṣe rí i. Ojú rí síláìdì: àkọlé wà lókè, kókó mẹ́ta wà lábẹ́ rẹ̀, gíráàfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ni áàpù kọ́kọ́ ń fà yọ, á sì tò ó tẹ̀léra bí ìlà gígùn kan. Àwọn áàpù kan máa ń wo àwòrán pẹ̀lú. Àwọn mìíràn kì í wò ó rárá, ohun tó wà nínú gíráàfù á sì ṣòfò. Nọ́ńbà kékeré tó gun orí nọ́ńbà mìíràn náà lè já bọ́, kí 10⁻³ di 10-3. Bó bá jẹ́ fọ́tò ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ gbé sókè, ńṣe ni ẹ̀rọ á máa dá lẹ́tà mọ̀ níkọ̀ọ̀kan lórí fọ́tò náà. Bó bá ṣi µM mọ̀ sí mM, ìwọ̀n náà ti di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nìyẹn.

Ọ̀nà kan wà láti yẹ èyí wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣí PDF náà, kó mú ọ̀rọ̀ ojú ìwé kan, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé òfìfo. Ohun tó bá hàn níbẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí áàpù máa rí. Bí nǹkan kan kò bá hàn, fọ́tò lásán ni fáìlì náà.

Lẹ́yìn èyí ni gígé. Bí a bá da nóòtì odindi sáà ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbéèrè rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti oréfèé. Nítorí náà, áàpù á gé nóòtì sí ègé ègé, bí ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún mélòó kan fún ègé kọ̀ọ̀kan, á sì gbé ìbéèrè kalẹ̀ láti inú ègé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ibi gígé yìí gan-an ni ìbéèrè burúkú ti ń wọlé, ó sì yẹ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ká mú nóòtì lórí ẹ́ńsáìmù. Síláìdì kẹtàlá ní àkọlé “Adènà abánidíje”, ìyẹn adènà tó ń bá èròjà tí ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí du ìjókòó kan náà. Síláìdì kẹrìnlá kò ní àkọlé, nítorí olùkọ́ ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni “Vmax kò yí padà; Km pọ̀ sí i.” Vmax ni ìyára tó ga jù lọ tí ẹ́ńsáìmù lè dé, Km sì ni ìwọ̀n èròjà tí ìyára fi ń dé ìdajì Vmax. Síláìdì kẹẹ̀ẹ́dógún bọ́ sórí adènà tí kì í báni díje: “Vmax dínkù; Km kò yí padà.” Bí gígé bá bọ́ sáàárín síláìdì kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, ìbéèrè tó máa jáde ni: “Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí Vmax bí adènà bá wà?” Ìdáhùn tí áàpù máa fọwọ́ sí ni “Kò yí padà.” Ọ̀rọ̀ náà wà nínú nóòtì lóòótọ́, orí rẹ̀ ni wọ́n gé dànù. Ẹni tó bá há ìdáhùn yìí sórí máa rí i pé síláìdì tó tẹ̀ lé e ń já òun nírọ́.

Àmì tí a fi ń dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé kò sọ irú èyí tó ń bi wá, kò sì sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ń rí bẹ́ẹ̀. Áàpù tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń so àkọlé mọ́ ègé kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń tún ìlà díẹ̀ tó parí ègé kan kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí áàpù kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè fúnra rẹ̀ kọ àkọlé sórí gbogbo síláìdì tí kò ní kó tó gbé fáìlì sókè. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni yóò gbà, èrè rẹ̀ sì ju ti ìtọ́ni gígùn tí àwọn kan máa ń kọ fún ẹ̀rọ lọ.

Bí ègé bá ti ní orí, ìbéèrè tó ní láárí lè jáde. Nóòtì yìí kan náà ní ìlànà Michaelis àti Menten, tí wọ́n gbé jáde ní 1913:

```
v = Vmax × [S] / (Km + [S])
```

v ni ìyára tí ẹ́ńsáìmù fi ń ṣiṣẹ́, [S] sì ni ìwọ̀n èròjà tó wà ńlẹ̀. Ìbéèrè náà lè lọ báyìí: Vmax jẹ́ 60, Km jẹ́ 10, [S] náà jẹ́ 10. Adènà abánidíje kan sọ Km di ìlọ́po méjì. Kí ni v báyìí? Km ti di 20, nítorí náà 60 × 10 / 30, ìdáhùn jẹ́ 20.

Ìdáhùn tó tọ̀nà rọrùn láti rí. Àwọn ìdáhùn èké tó máa ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà ni wọ́n ń fi mọ ẹni tó mọ ìbéèrè gbé kalẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣáà mú nọ́ńbà mẹ́ta bí 7, 200 àti 0, akẹ́kọ̀ọ́ á mú 20 láìṣírò nǹkan kan. Àṣìṣe tí èèyàn lè ṣe lóòótọ́ ló yẹ kí ìdáhùn èké kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹni tó gbàgbé adènà pátápátá máa rí 30. Ẹni tó fi adènà tí kì í báni díje rọ́pò, tó pín Vmax sí méjì tó sì fi Km sílẹ̀ bó ṣe wà, máa rí 15. Ẹni tó fọwọ́ kan méjèèjì máa rí 10. Báyìí, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá yàn ti sọ ohun tó dàrú mọ́ ọn lójú. Ìṣirò yìí kò yẹ kó wá láti ẹnu ẹ̀rọ èdè tó ń gbé ìbéèrè kalẹ̀ nínú áàpù nìkan, torí ó lè fi ìdánilójú kọ nọ́ńbà tí kò tọ̀nà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀rọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò.

Àyẹ̀wò kan ṣì kù. Ẹ̀rọ èdè ti ka ohun púpọ̀ kó tó rí nóòtì yìí, ó sì lè dáhùn láti inú ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀. Ìdáhùn náà lè tọ̀nà níbòmíràn, kó má sì bá bí olùkọ́ yìí ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ mu. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan gbé gbólóhùn tó ti wá dání, pẹ̀lú nọ́ńbà síláìdì rẹ̀. Áàpù á wá gbólóhùn yẹn nínú nóòtì bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Bí kò bá rí i, á da ìbéèrè náà nù. Àyẹ̀wò yìí kò lè mú ìbéèrè Vmax aláìlórí wa ìṣáájú, nítorí gbólóhùn tiẹ̀ wà nínú nóòtì.

Àkópọ̀ ṣókí náà ń gba ọ̀nà yìí kọjá: ẹ̀rọ á ké ègé kọ̀ọ̀kan kúrú, á kó wọn pọ̀, á sì tún wọn ké. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń ké e, àwọn ọ̀rọ̀ bí “àfi”, “nígbà tí” àti “bí kò bá” ló máa ń kọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ìdánwò sábà máa ń wá kiri. Kíkà á tún máa ń tan èèyàn jẹ. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà láti kà; àwọn kan tún un kà, àwọn yòókù kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló rántí jù. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó dán ara wọn wò ti ṣíwájú.

Nítorí náà ló fi sàn kí ìbéèrè ṣáájú àkópọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn ìbéèrè ná, á wá ní kí áàpù ṣe àkópọ̀ àwọn síláìdì tí àwọn ìbéèrè tó kùnà ti wá nìkan. Ẹni tó mú 15 nínú ìbéèrè ẹ́ńsáìmù yìí kò nílò ju ìlà méjì lọ: ohun tí adènà abánidíje ń ṣe sí Km, àti ohun tí èkejì ń ṣe sí Vmax, pẹ̀lú orúkọ adènà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan.