Síláìdì olóòró fún ojú fóònù

Síláìdì olóòró ni èyí tí gíga rẹ̀ ju ìbú rẹ̀ lọ, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ òfì kan tí wọn ò tíì rán mọ́ òmíràn. Èyí tí a ń tàn sára ògiri nípàdé kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú PowerPoint, ìbú tirẹ̀ jẹ́ ínṣì 13.333, gíga rẹ̀ 7.5.

Ká ní ẹgbẹ́ ahunṣọ kan n'Ílọrin fi èyí tó fẹ̀ yẹn ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ojú fóònù tí èèyàn gbé lóòró fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7. Síláìdì náà fẹ̀ tó 34. Ohun gbogbo á kéré di ìdá kan nínú márùn-ún, lẹ́tà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 24 á wá dà bí 5. Ta ló fẹ́ kà á? Bí ìbú bá dín kù sí ínṣì 7.5, lẹ́tà 24 yẹn á dà bí 9, lẹ́tà 30 á dà bí 11. Lẹ́tà 30 ni kí ẹ lò.

Ẹ kọ́kọ́ fi Save As ṣe ẹ̀dà, torí ìwọ̀n kan ṣoṣo ni fáìlì kan ń gbà. Ẹ lọ sí Design, Slide Size, Custom Slide Size, kí ẹ kọ 7.5 sí Width, 13.333 sí Height. Yóò ní kí ẹ mú Maximize tàbí Ensure Fit. Ẹ mú Ensure Fit, torí Maximize lè jẹ́ kí nǹkan yọ kọjá etí síláìdì. Ohun gbogbo á kéré, òkè àti ìsàlẹ̀ á sì ṣófo. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ ò ní bá yín tún nǹkan tò.

Ẹ wo síláìdì tí fọ́tò ẹtù, sányán àti àlàárì wà lápá òsì, tí àlàyé mẹ́ta wà lápá ọ̀tún. Ẹ gbé fọ́tò sókè, kí ẹ di igun rẹ̀ mú fà á títí yóò fi kún ìbú. Bí ẹ bá fà á ní ẹ̀gbẹ́, aṣọ á fẹ̀ sódì. Fọ́tò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin sí gíga mẹ́ta á ga tó ínṣì 5.6. Bí àkọlé bá gba 2, nǹkan bíi 5.7 ló kù fún àlàyé, ó sì tó.

Ṣùgbọ́n bí síláìdì bá jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba, 7.5 sí 7.5, lẹ́yìn fọ́tò kò ju ínṣì 1.9 lọ tó kù. Àkọlé àti ìlà kan péré ló lè gbà á. Nítorí náà, ẹ pín in sí síláìdì mẹ́ta, aṣọ kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe dín lẹ́tà kù.

Àmì ẹgbẹ́ tó rí roboto tẹ́lẹ̀ lè wá gùn bí ẹyin. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò ṣeé mú, inú View, Slide Master ló wà. Ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀, kí ẹ fi òmíràn sí i.

Bó bá jẹ́ Status lẹ ń gbé e sí, ẹ fi bí ínṣì kan sílẹ̀ lókè àti ínṣì kan àbọ̀ nísàlẹ̀: orúkọ yín àti àyè ìfèsì ló máa bo ibẹ̀.