Bí Ọ̀rọ̀ Ìpolówó Àfikún Oúnjẹ Ṣe Ń Kọjá Ààlà, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Dá A Padà

Ká ní ilé iṣẹ́ kan fẹ́ polówó kápúsù magnísíọ̀mù lórí rédíò, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó. Ohun tó kọ rèé:

"Ṣé pajápajá kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn lóru? Ṣé àtàárọ̀ ló máa ń rẹ̀ yín? Mílígíráàmù 500 ojúlówó magnísíọ̀mù ló wà nínú kápúsù wa. Ó ń lé pajápajá lọ, ó ń jẹ́ kéèyàn sùn wọra, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì wálẹ̀. Ìwádìí ìjìnlẹ̀ ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀, àwọn dókítà náà fọwọ́ sí i. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ó rí ìyàtọ̀."

Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó ṣàjèjì sí etí. Síbẹ̀, bó bá dé iwájú ẹni tó mọ òfin ìpolówó, ìbéèrè nípa àárẹ̀ nìkan ló lè là á já, ìyẹn náà á sì gba àtúnṣe díẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n á kọ́kọ́ fà yọ, torí àìsàn ni. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1994 gbà kí ẹni tó ń ta àfikún oúnjẹ sọ ipa tí èròjà kan ń kó nínú iṣẹ́ ara, àmọ́ kò gbà kó sọ pé ó ń wo àìsàn sàn, pé ó ń dènà rẹ̀ tàbí pé ó ń dín in kù. Ọ̀nà míì ni ilẹ̀ Yúróòpù gbé e gbà. Òfin wọn tọdún 2006 sọ pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ pé oúnjẹ kan ń ṣe ara lóore àfi bí ohun tó fẹ́ sọ bá wà lára èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí. Ọdún 2012 ni àkójọ tó gbòòrò jù jáde, ó sì to èròjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè sọ nípa rẹ̀. Òfin méjèèjì pàdé níbì kan: oúnjẹ ni àfikún oúnjẹ, bí ọ̀rọ̀ ìpolówó bá sì ti sọ ọ́ di ohun tó ń wo àìsàn, oògùn ló ń tà yẹn, wọ́n á sì bi í ní ẹ̀rí àti ìwé àṣẹ tí wọ́n ń bi olóògùn.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé mọ ìyẹn, torí náà wọ́n á wá ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n á ní "ó lè ràn yín lọ́wọ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru", bíi pé "ó lè" yẹn ti tú wọn sílẹ̀. Àwọn míì kò ní dárúkọ àìsàn rárá, wọ́n á ní "nọ́ńbà tí dókítà ń kà fún yín kò ní bà yín lẹ́rù mọ́". Kò tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ohun tí àjọ FTC, tó ń rí sí ìpolówó ní Amẹ́ríkà, máa ń wò ni ohun tí ẹni tó gbọ́ ìpolówó náà mú lọ sílé. Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ìpolówó wa yẹn, ìlérí ni. Ẹni tí wọ́n bi pé ṣé pajápajá ń dà á láàmú, tí wọ́n sì ta kápúsù fún, ti gbọ́ pé kápúsù náà ń wo pajápajá. Bó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni, ẹ̀wù funfun tí wọ́n wọ̀ fún òṣèré ń sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ la ẹnu.

Gbólóhùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí nínú ìpolówó yẹn ni ti mílígíráàmù 500. Mo kà á mọ́ èyí tó burú jù, torí irọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé òun ń pa ni. Ohun tó wà lára ike ni "magnísíọ̀mù sítírétì, mílígíráàmù 500". Iyọ̀ ni magnísíọ̀mù sítírétì, ohun méjì ló so pọ̀ di ọ̀kan, sítírétì ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n rẹ̀. Magnísíọ̀mù gan-an tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 lọ. Nínú mílígíráàmù 500 yẹn, nǹkan bí 80 péré ló jẹ́ magnísíọ̀mù. Ẹni tó kọ "ojúlówó magnísíọ̀mù 500" ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà ohun tó wà níbẹ̀. Ibi tí èèyàn ti lè rí òótọ́ ni tábìlì èròjà tó máa ń wà lẹ́yìn ike, níbi tí wọ́n ti kọ iye magnísíọ̀mù fúnra rẹ̀ àti ìdá tó jẹ́ nínú ohun tí ara nílò lójúmọ́.

Nọ́ńbà yẹn tún ṣe pàtàkì nítorí nǹkan míì. Ní Yúróòpù, mílígíráàmù 375 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n magnísíọ̀mù fún àgbàlagbà lójúmọ́, èròjà náà sì gbọ́dọ̀ tó ìdá 15 nínú 100 òṣùwọ̀n yẹn kí wọ́n tó lè sọ ohunkóhun nípa oore rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ mílígíráàmù 56 àti díẹ̀. Ọgọ́rin wa kọjá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì wà tá a lè sọ. Ká ní iye tó wà nínú kápúsù náà jẹ́ 40 ni, ẹnu ìpolówó ì bá pa mọ́.

Kí wá ni wọ́n lè sọ? Lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí fún magnísíọ̀mù ni pé ó ń kópa nínú dídín àárẹ̀ kù, pé ó ń kópa nínú bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àti nínú bí egungun ṣe ń wà bó ṣe yẹ kó wà. Oorun kò sí níbẹ̀, pajápajá náà kò sí. Ibí gan-an ni ẹsẹ̀ òǹkọ̀wé ti máa ń yọ̀: ó ka "iṣan", ó rántí pé iṣan ni pajápajá ń mú, ó sì so méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti wádìí ìyẹn lọ́tọ̀. Àkójọpọ̀ ìwádìí tí ẹgbẹ́ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2020 rí i pé láàárín àwọn àgbàlagbà tí pajápajá ń mú láìnídìí pàtó, magnísíọ̀mù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí hóró lásán tí kò ní nǹkan kan nínú. Pé èròjà kan ń kópa nínú iṣẹ́ ẹ̀yà ara kò túmọ̀ sí pé jíjẹ púpọ̀ sí i á tún ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe. "Bó ṣe yẹ" yẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n fi "ó ń fún iṣan lágbára" rọ́pò rẹ̀, ìlérí náà ti ga ju ohun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ.

Ó ku "ìwádìí ìjìnlẹ̀ ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀". Gbólóhùn yìí kì í ṣe irọ́ ní gbogbo ìgbà, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro. Ohun tí ẹni tó ń yẹ ìpolówó wò á béèrè ni pé: ta ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà, èèyàn ni àbí eku? Ṣé wọ́n ṣẹ́ kèké pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí apá kan gba ojúlówó, kí apá kejì gba hóró lásán? Ṣé iye èròjà tí wọ́n lò bá ti inú ike mu? Àti pé ohun tí wọ́n wọ̀n nígbà náà, ṣé òun náà ni ìpolówó ń ṣèlérí?

Ọ̀rọ̀ Prevagen, àfikún oúnjẹ kan tí wọ́n polówó ní Amẹ́ríkà pé ó ń mú kí èèyàn máa rántí nǹkan dáadáa, fi hàn bó ṣe ń rí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní ìwádìí lọ́wọ́ lóòótọ́: èèyàn 218, àádọ́rùn-ún ọjọ́, apá kan ń gba hóró lásán. Lọ́dún 2017, àjọ FTC àti agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York pè wọ́n lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn wọn ni pé nígbà tí wọ́n kó gbogbo èèyàn náà pọ̀, àwọn tó lo Prevagen kò ṣe dáadáa ju àwọn tó gba hóró lásán lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá gé àwọn èèyàn náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́nà tó lé ní ọgbọ̀n, wọ́n sì fi ìwọ̀nba ibi tó dára níbẹ̀ polówó. Bí èèyàn bá ṣe àyẹ̀wò ọgbọ̀n, tí kèké lásán sì lè mú ìkọ̀ọ̀kan yọ lẹ́ẹ̀kan nínú ogún, ó ṣòro kí ọ̀kan má jọ àṣeyọrí. Ní ìparí ọdún 2024, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n yé sọ pé ó ń ran ìrántí lọ́wọ́. Àmì tí òǹkọ̀wé fi lè dá irú rẹ̀ mọ̀ kò ṣòro: bí ìwé tí oníbàárà fún un bá kún fún "láàárín àwọn kan tí…", kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín gbogbo wọn.

Ti dókítà kò gba àlàyé púpọ̀. Òfin Yúróòpù kò gbà kí wọ́n fi ìmọ̀ràn dókítà kan polówó oore tí oúnjẹ ń ṣe fún ara. Ẹ̀rí ẹnu oníbàárà náà kò sàn jù. Bí ìyá àgbà kan bá sọ nínú ìpolówó pé ìtọ̀ súgà òun lọ, ilé iṣẹ́ ló sọ ọ́. Kí wọ́n wá fi ohùn tó ń sáré sọ ní ìparí pé "kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn" kò nù ún kúrò, bẹ́ẹ̀ sì ni gbólóhùn tí òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n kọ, pé ọjà náà kì í ṣe fún ìwòsàn àìsàn kankan, kò lè nu ohun tí ẹnu ti sọ ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ń fẹ́ ẹ̀rí tirẹ̀, nítorí ìgbà tí nǹkan á ṣẹlẹ̀ jẹ́ ìlérí lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé gbogbo ìyẹn, ohun tó kù lè lọ báyìí:

"Magnísíọ̀mù wà lára èròjà tí ara nílò. Ó ń kópa nínú dídín àárẹ̀ kù, àti nínú bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kápúsù wa kan ní mílígíráàmù 80. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, kò sì dípò oúnjẹ tó pé. Bí ẹ bá ń lo oògùn, tàbí tí ẹ ní ìṣòro kíndìnrín, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà yín."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn nídìí: kíndìnrín ló ń da magnísíọ̀mù tó pọ̀ jù nù, bí kò bá sì ṣiṣẹ́ dáadáa, magnísíọ̀mù á máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀.

Oníbàárà á ní kò dùn tó ti tẹ́lẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Adùn tó lè wọlé láìdá wàhálà sílẹ̀ wà nínú ohun tó ṣeé fojú rí: pé kápúsù náà kéré, pé ó rọrùn gbé mì, pé kò ní ṣúgà, pé ilé àyẹ̀wò tí kì í ṣe tiwọn ti wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, bí ìyẹn bá jẹ́ òótọ́. Níwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dà tí òǹkọ̀wé máa fi ránṣẹ́, kó kọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà; èyí tí iwájú rẹ̀ bá ṣófo, kó yọ ọ́.

Ewu kan ṣì wà tí ìwé kò lè mú. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó máa kà á lórí afẹ́fẹ́ fẹ́ràn láti fi tirẹ̀ kún un, á ka ọ̀rọ̀ tó mọ́ tónítóní tán, á wá rẹ́rìn-ín, á ní "pajápajá yẹn á lọ o!" Ìlérí ilé iṣẹ́ ni ìyẹn náà. Torí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fẹ́ kí wọ́n gbà á sílẹ̀ ṣáájú, kí ẹnì kan sì gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ kó tó jáde.